Mo ti kà á rí, ṣùgbọ́n níbo?

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé mo ti kà á, mo mọ̀ pé ojú ìwé apá òsì ló wà, nísàlẹ̀ díẹ̀, mo tiẹ̀ rántí pé mo fi pẹ́ńsù fàlà sí i lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ inú ìwé wo? Mo tú gbogbo ìwé tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù sílẹ̀, mo ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá owó tó fi pamọ́ sínú ìwé, àti pé ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ojú ìwé mélòó ni mo fàlà sí nínú àwọn ìwé yẹn? Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ gbogbo ẹ̀. Ìlà níbí, ìlà lọ́hùn-ún, hàiláítà yẹ́lò, hàiláítà píǹkì.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mo rí i. Ojú ìwé 112. Ìlà méjì wà lábẹ́ ẹ̀, lóòótọ́, ohun tí mo sì kọ sí etí ìwé níbẹ̀ ni: "Háà!"

Ó tán. Háà. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò mọ ohun tí Háà yẹn ń ṣe níbẹ̀ mọ́. Ó sọ fún mi pé inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ìyẹn ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń wá nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà dá lé, torí òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀. Ìtàn dókítà kan ni, Ignaz Semmelweis, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kan ní ìlú Vienna. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀, àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń ṣe ọ̀kan, àwọn agbẹ̀bí ló ń ṣe ìkejì. Ní 1846, nínú 100 ìyá tó wọ wọ́ọ̀dù àwọn dókítà, bíi 11 ló ń kú, ti àwọn agbẹ̀bí ò tó 3. Àwọn dókítà yìí máa ń ti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú bọ́ sí ọ̀dọ̀ aboyún ní tààrà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1847, Semmelweis ní kí gbogbo wọn máa fi omi tó ní kiloríìnì nínú fọ ọwọ́, kò sì pẹ́ rárá tí ikú fi já wálẹ̀ dé bíi ti wọ́ọ̀dù kejì. Nǹkan tó mú mi kọ Háà kì í ṣe ìyẹn o. Ohun tó tẹ̀ lé e ni, pé púpọ̀ nínú àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbà. Òǹkà àwọn ìyá tó ń kú wà nílẹ̀ níwájú wọn, wọn ò gbà.

Àròkọ kan ni mo ń kọ nígbà yẹn lórí ìdí tí èèyàn fi máa ń rí ẹ̀rí tí kò sì ní yí ọkàn padà, ìdí tí mo fi nílò ẹ̀ nìyẹn.

Mo wá sọ fún ara mi pé ó tó, mo ra ìwé nóòtù kan tó nípọn, mo sọ ọ́ ní ìwé àkójọ, mo da ìtàn Semmelweis kọ síbẹ̀ pẹ̀lú àkọlé: ÌLERA. Ṣebí ìwé ìtàn ìṣègùn ni mo ti rí i. Inú mi dùn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà mo tún nílò ìtàn yìí kan náà, mo ṣí ìwé àkójọ mi, mo wá Ẹ̀RÍ, kò sí nǹkan. Mo wá ÌGBÉRAGA, kò sí. Mo tún padà sí ṣẹ́ẹ̀fù! Ó wà nínú ìwé àkójọ ní gbogbo ìgbà yẹn o, lábẹ́ ÌLERA, níbi tí mi ò ní ronú kàn láéláé, torí mi ò kì í kọ nǹkan lórí ìlera.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kíkọ nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn lè padà rí i. Àkọlé ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìwé náà dá lé. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí èmi máa ń ṣe lọ́jọ́ tí mo bá ń wá a. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi báyìí kí n tó kọ ohunkóhun ni pé, "lọ́jọ́ tí mo bá nílò èyí, kí ni mo máa wà lórí ẹ̀?" Ìdáhùn yẹn ni àkọlé. Ti Semmelweis ti di Ẹ̀RÍ. Lábẹ́ ÌLERA, mo fi ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀: "Dókítà Vienna, wo 18." Mi ò tún un dà kọ, ìlà kan péré ti tó láti júwe ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi 18 yẹn, ẹ jẹ́ ká padà sí etí ìwé ná.

Ohun tí mo ń kọ sí etí ìwé báyìí kò pọ̀ rárá. Pẹ́ńsù ni mò ń lò, mi ò lo bírò mọ́, torí bírò máa ń là sí ẹ̀yìn ewé tí pépà bá fẹ́lẹ́, hàiláítà sì máa ń ṣá tó bá pẹ́, àti pé hàiláítà ò lè kọ ọ̀rọ̀, àwọ̀ lásán ló ń fi síbẹ̀. Mo máa fa ìlà òòró kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ náà (kì í ṣe abẹ́ ọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbẹ́), mo máa kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó lè di àkọlé lọ́la. Ní ojú ìwé 112, mo pa Háà rẹ́, mo kọ "ẹ̀rí: wọn ò gbà". Lẹ́yìn náà ni mo máa ṣí ewé òfìfo tó wà lẹ́yìn ìwé pátápátá, kí n kọ ọ́ síbẹ̀: 112, ẹ̀rí tí wọn ò gbà. Àtọ́ka tèmi nìyẹn, fún ìwé yẹn nìkan. Tí mo bá ka ìwé kan tán, ìlà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí ó bá ti kọjá ọgbọ̀n, mo mọ̀ pé mò ń fàlà lásán ni, mi ò yan nǹkan kan mọ́. Tó bá jẹ́ ìwé tí mo yá, mi ò ní kọ ohunkóhun sínú ẹ̀, mo máa ki pépà pẹlẹbẹ kan sí i bí ohun tí mo fi ń sàmì ojú ìwé, gbogbo òǹkà ojú ìwé àti ọ̀rọ̀ máa wà lórí pépà yẹn, tí mo bá ń dá ìwé padà mo máa yọ pépà mi.

Àwọn kan máa sọ pé ṣé etí ìwé yẹn ò ti tó ni, kí la tún ń fi ìwé àkójọ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Fermat. Ní nǹkan bíi 1637, onímọ̀ ìṣirò kan, Pierre de Fermat, kọ ọ́ sí etí ìwé ìṣirò kan pé òun ní ẹ̀rí tó dára gan-an fún ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n etí ìwé náà kéré jù, kò lè gbà á. Ó kú ní 1665, ọmọ ẹ̀ ló tẹ ìwé náà jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ etí ìwé bàbá ẹ̀ ní 1670. Ìwé tí Fermat fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nǹkan sí yẹn ti sọnù. Ká ní ọmọ ẹ̀ ò ṣe àdàkọ ni, gbogbo ẹ̀ ì bá ti bá ìwé lọ. Ẹ̀rí tó sọ pé òun ní yẹn, kò sẹ́ni tó rí i rí, ìgbà tó di ọdún 1994 ni onímọ̀ ìṣirò míì, Andrew Wiles, tó parí ẹ̀rí tiẹ̀, kò sì jọ pé ó lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ibi tí àyè ò ti tó ni etí ìwé, tí ẹ bá yá ẹlòmíì ní ìwé yín, ọgbọ́n yín ti bá a lọ nìyẹn.

Ó dáa, ìwé àkójọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo bá ka ìwé tán ni mo máa ń jókòó tì í. Kì í ṣe ọjọ́ tí mo kà á, torí lọ́jọ́ yẹn gbogbo nǹkan ló ń dà bíi wúrà. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, nínú ogún ìlà tó wà lẹ́yìn ìwé, mẹ́fà tàbí méje ló ṣì máa ń mú mi dúró. Àwọn yẹn ni mo máa dà kọ. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ ní ẹ̀yìn ìwé àkójọ, níbi tí mo kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi (ọdún ìtẹ̀jáde yẹn ṣe pàtàkì, ẹ̀dà míì, ojú ìwé míì ni). Nítorí náà ohun tó wà lábẹ́ Ẹ̀RÍ kúrú: "Wọ́ọ̀dù méjì, 1846: 11 sí 3 nínú 100. Ó ní kí wọ́n fọ ọwọ́, 1847, ikú já wálẹ̀. Wọn ò gbà. (14, 112)". Ìwé kẹrìnlá, ojú ìwé 112.

Àṣìṣe kan wà níbí tó ti kó mi sí ìtìjú rí. Mo máa ń da ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kọ láìfi àmì àyọlò sí i. Lọ́jọ́ kan mo wá gbólóhùn kan lò nínú nǹkan tí mo kọ, mo rò pé tèmi ni, mo tiẹ̀ ń yangàn sí i nínú ara mi, ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní "ìwọ, ibo lo ti rí gbólóhùn yìí, mo mọ ìwé tó ti wá." Ojú tì mí, ẹ má wulẹ̀ dá mi dúró lórí ẹ̀. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé gan-an máa wà láàárín àmì àyọlò, èyí tí mo fi ẹnu ara mi sọ kò ní àmì, èyí tó jẹ́ èrò tèmi pátápátá máa ní lẹ́tà T níwájú, ìyẹn "tèmi". Ó dàbí nǹkan kékeré, àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò sẹ́ni tó lè rántí èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

Wàyí o, bí ìwé àkójọ bá ti ní ogóje ojú ìwé, báwo ni mo ṣe ń rí Ẹ̀RÍ nínú ẹ̀? Ibi tí John Locke ti wọlé nìyí, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí onímọ̀ ọgbọ́n orí. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe ìwé àkójọ tiẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lédè Faransé ní 1686, ti Gẹ̀ẹ́sì sì jáde ní 1706, lẹ́yìn tó ti kú. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú ni pé tí o bá pín ìwé sílẹ̀ fún àkọlé kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa kún àkúnya, àwọn kan máa ṣófo títí láé. Ó ní má pín nǹkan kan. Ṣe àtọ́ka sí ojú ewé méjì àkọ́kọ́, kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí o pín in sí márùn-ún fún fáwẹ̀lì márùn-ún. Tí àkọlé ẹ bá dé, mú lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹ̀, mú fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ Látìn náà Epistola, E ni lẹ́tà àkọ́kọ́, i ni fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ó lọ sí ìlà E i. Wá ewé òfìfo tó kàn, kọ ọ́ síbẹ̀, kí o kọ nọ́ńbà ojú ìwé yẹn sí ìlà E i nínú àtọ́ka. Gbogbo àkọlé tó bá tún bọ́ sí E i máa lọ bá a lójú ìwé kan náà, títí ó fi máa kún, ìgbà yẹn ni o máa wá ewé òfìfo míì kí o fi nọ́ńbà ẹ̀ kún ìlà náà. Kò sí ewé tó ṣòfò, àtọ́ka ò sì kọjá nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ìlà.

Mo gbìyànjú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó bàjẹ́ láàárín oṣù méjì.

Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ àkọlé mi, ẹ sì wò ó: ìrántí, ìbẹ̀rù, ìgbàgbọ́, ìfẹ́, ìwà, ìkà, ìmọ̀, ìtàn. I, I, I, I. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì torí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ la fi ń ṣẹ̀dá wọn, nítorí náà gbogbo èrò inú ìwé mi kó jọ sábẹ́ I, À àti Ọ, àwọn lẹ́tà bíi B, D, F, G kàn jókòó síbẹ̀, wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Ìlà I a nìkan ti ní ojú ìwé mẹ́fà, kò sì sí àǹfààní àtọ́ka mọ́, mo tún ti ń ṣí ewé níkọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo fo fáwẹ̀lì iwájú. Kọ́nsónáǹtì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ni mò ń mú, lẹ́yìn náà fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí, R i. Ìrántí, R a. Ìbẹ̀rù, B ẹ. Owó, W o. Ọgbọ́n, Gb ọ (gb jẹ́ lẹ́tà kan lọ́dọ̀ wa, ẹ má pín in sí méjì, mi ò sì ka n tó wà lẹ́yìn ọ́ sí kọ́nsónáǹtì). Kọ́nsónáǹtì 18 la ní, fáwẹ̀lì 7, ìyẹn 126 ìlà. Mo fi kọ́nsónáǹtì mẹ́ta sí ojú ewé kan, ìlà 21, ojú ewé mẹ́fà, ó tán. Mo fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé kí n tó bẹ̀rẹ̀, àkójọ gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé 7. Ẹ̀RÍ bọ́ sí ojú ìwé 18, nítorí náà 18 wà lórí ìlà R i, ORÍ àti ÌRÌNÀJÒ sì ń gbé pẹ̀lú ẹ̀ níbẹ̀. Àkọlé kọ̀ọ̀kan wà ní lẹ́tà gàdàgbà ní etí òsì, ojú máa ń rí i kíá.

Mo rò pé mo kàn ń tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe ni, àfi ìgbà tí mo rí ohun tí mi ò retí. Ìgbàgbọ́, Gb a. Àìgbàgbọ́, Gb a. Ìmọ̀ àti àìmọ̀, M ọ. Ẹ̀kọ́ àti ìkọ́ni, K ọ. Bí mo ṣe bó àfòmọ́ kúrò, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ló kù, nítorí náà ọ̀rọ̀ àti òdìkejì ẹ̀ ń gbé ojú ìwé kan náà! Mo ṣí ibi tí mo kọ nǹkan sí lórí ìgbàgbọ́, ohun tí ẹlòmíì sọ láti tako ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gan-an. Locke ò lè rí èyí pẹ̀lú Látìn tiẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Ó ní ibi tí kò dé ṣá. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá nípa àpètúnpè máa ń sá lọ: kíkà bọ́ sí K i, ìkàwé bọ́ sí K a, rírántí bọ́ sí R i nígbà tí ìrántí wà ní R a. Òfin mi ni pé mi ò kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àkọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò kì í lo "oní" tàbí "olú", torí gbogbo wọn máa lọ rọ́ sí N i àti L u. Ìṣòro kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra. Mo ní ÌBẸ̀RÙ, mo ní Ẹ̀RÙ, mo tún ní ÌFÒYÀ, ibi mẹ́ta, ohun kan náà. Àmì tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ ni pé mo máa wá nǹkan tó dá mi lójú pé mo kọ, mi ò ní rí i, ọjọ́ kẹta mo máa bá a pàdé níbòmíì. Mo yan Ẹ̀RÙ, mo kọ "wo Ẹ̀RÙ" sí àwọn méjì tó kù.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn tẹ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù kí n máa ṣe sáàṣì. Mo ti ṣe é. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ò dúró sójú kan: lọ́jọ́ tí mo bá ráyè mo máa tẹ ọgbọ́n, lọ́jọ́ tí mo bá ń kánjú mo máa tẹ ogbon, fóònù mi sì gbà pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Kódà èyí tí mo fi àmì sí dáadáa, kíbọ́ọ̀dù kan lè tẹ lẹ́tà tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ yẹn bíi lẹ́tà tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n wá lẹ àmì ohùn mọ́, kíbọ́ọ̀dù míì a tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà lásán tí wọ́n lẹ àmì méjèèjì mọ́, lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú sáàṣì wọn lè má jọ ara wọn. Àti pé sáàṣì ń wá ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìtàn Semmelweis tí mo tẹ̀ sínú fóònù, kò síbi tí ọ̀rọ̀ "ìgbéraga" wà, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Àwọn gbólóhùn gígùn tí mo fẹ́ tọ́jú lódindi ṣì wà lórí fóònù ṣá, mo kàn máa ń kọ àkọlé àti nọ́ńbà ìwé sókè wọn bí mo ṣe ń ṣe nínú ìwé àkójọ.

Mo máa ń dán an wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ní kí ẹnì kan dárúkọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, àkọlé kan ti bàjẹ́ níbìkan. Lánàá, àbúrò mi ní "àṣìṣe". Ṣ i, ojú ìwé 31, lẹ́yìn náà 58. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi rí ohun tí mo rántí, ìwé kẹsàn-án, ojú ìwé 204, lẹ́tà T wà níwájú ẹ̀, ìyẹn ni pé èrò tèmi ni, ó sì gùn tó ìlà mẹ́ta. Àbúrò mi ní kí n kà á sókè. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo ka ìkejì, mo dé ìkẹta, mo gbé ìwé súnmọ́ iná, mo gbé e jìnnà. Ó ní "kí ló wà níbẹ̀?" Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti burú débi pé mi ò lè kà á.